Ẹni Kẹtàlá Kò Ríbi Yà Sí

Ẹ kó ènìyàn mẹ́tàlá jọ sínú yàrá kan. Ẹni yòówù kí wọ́n jẹ́, ibi yòówù kí wọ́n ti wá, ó kéré tán, a óò rí méjì nínú wọn tí wọ́n bí nínú oṣù kan náà. Mi ò sọ pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ o, dandan ni. Ẹ lè kó ìyá arúgbó mọ́ ọmọ ọwọ́, kí ẹ kó ará Oǹdó mọ́ ará Ṣáínà, kí ẹ tilẹ̀ fi ọgbọ́n ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí oṣù ìbí wọn má baà pàdé. Òfo ni yóò já sí. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà kò sì ju gbólóhùn méjì lọ. Oṣù inú ọdún jẹ́ méjìlá. Ènìyàn mẹ́tàlá kò lè pín oṣù méjìlá kí oníkálukú wọn ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Òfin ihò ẹyẹlé ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe ìpìlẹ̀ irú ẹ̀rí yìí: bí ẹyẹlé bá pọ̀ ju ihò tí wọ́n ń sùn sí lọ, tí gbogbo wọn sì wọlé, ihò kan, ó kéré tán, yóò gbà ju ẹyọ kan lọ. Orúkọ Peter Gustav Lejeune Dirichlet, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n bí lọ́dún 1805, ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọn, nítorí òun ló fi han ayé, lọ́dún 1842, pé ohun tó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí lè tú àwọn kókó líle inú ìmọ̀ nọ́mbà. Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú ẹ̀rí náà, nítorí pé kíkéré rẹ̀ máa ń mú kí ènìyàn sáré kọjá ibi tí ọgbọ́n inú rẹ̀ gan-an wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí a óò rí bí a bá fẹ́ fi ojú ṣe é dípò kí a fi làákàyè mọ̀ ọ́n. Ká ní à ń kó àwọn ènìyàn jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí a sì ń bi oníkálukú léèrè oṣù tí wọ́n bí i. Ká tún gbà, kí ìṣirò lè rọrùn, pé iye ọmọ tí wọ́n ń bí lóṣooṣù dọ́gba. Bí ẹgbẹ́ kan bá jẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún péré, nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ 100, nǹkan bíi 62 ni a óò ti bá ẹni méjì tó jọ ni oṣù ìbí. Márùn-ún péré! Bí a bá wá sọ ọ́ di méjìlá, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú nǹkan bíi 18,600 ni oṣù ìbí àwọn méjèèjìlá yóò ti yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹni tó bá ń fi ojú rí nìkan ṣèdájọ́ yóò sọ láìmikàn pé ènìyàn méjìlá náà ti tó. Ó lè fi ọ̀pọ̀ ọdún bi ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjìlá léèrè káàkiri, kó má bá ẹyọ kan pàdé tí yóò já a nírọ́.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣòótọ́. Ẹnì kan lè jẹ́ ọmọ oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹnì kejì ọmọ Èrèlé, ẹnì kẹta ọmọ Ẹrẹ́nà, bẹ́ẹ̀ títí dé ọmọ Belu àti ọmọ Ọ̀pẹ. Ènìyàn méjìlá bẹ́ẹ̀ wà nínú ayé, kò sì sí òfin kan tó ní kí wọ́n má jókòó pọ̀. Nítorí náà, bí a bá fi ẹnì kan kún méjìlá, ohun tí ojú ń rí kò yí padà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí yí padà pátápátá. Ní méjìlá, a lè sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Ní mẹ́tàlá, "fẹ́rẹ̀ẹ́" jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀. Kò sí bí a ṣe lè ka èèyàn tó tí a ó fi rí ààlà yìí. Làákàyè nìkan ló ń rí i.

Ẹ tún kíyè sí ohun mìíràn. Kí n tó lè sọ pé 62 nínú 100, mo kọ́kọ́ tọrọ pé kí a gbà pé iye ọmọ tí wọ́n ń bí lóṣooṣù dọ́gba. Láyé gidi, kò dọ́gba bẹ́ẹ̀. Oṣù kan máa ń lọ́mọ ju òmíràn lọ, bó sì ṣe rí ní ìlú kan kọ́ ló rí ní òmíràn. Bí ìyẹn bá ti yí, iye tí mo sọ yóò yí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá kò tọrọ ohunkóhun. Bí ó bá wù yín, ẹ jẹ́ kí gbogbo aráyé máa bímọ lóṣù Ògún nìkan, tàbí kí wọ́n pín in bó bá ṣe wù wọ́n: ọ̀rọ̀ náà dúró síbi tó wà. Ohun tó ń béèrè kéré, ohun tó sì ń fúnni dájú. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yìn lára rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀rí náà kalẹ̀, torí pé ọ̀nà tó gbà jáde lẹ́nu ju ọ̀kan lọ, wọn ò sì lágbára bákan náà.

Ọ̀nà tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a máa pe àwọn ènìyàn náà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ gba Ṣẹ́rẹ́. Ẹni kejì gba Èrèlé. A ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ẹni kejìlá fi gba Ọ̀pẹ. Ẹni kẹtàlá wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò ríbi yà sí; àfi kó lọ bá ẹnì kan nínú oṣù tirẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́, ó sì ṣeé fojú inú wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ní làákàyè yóò nàwọ́ sókè, yóò sì béèrè pé: "Ta ló sọ pé àwọn méjìlá àkọ́kọ́ yóò gba oṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?" Òótọ́ ló sọ. Àlàyé yẹn mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan péré, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí náà ti ń jò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. A lè dí i: bí méjì nínú àwọn méjìlá àkọ́kọ́ bá ti jọ ni oṣù kan, a ti rí ohun tí à ń wá, ó parí. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti gba oṣù méjèèjìlá tán, ẹni kẹtàlá kò sì ríbi yà sí. Ó ti wá pé wàyí, ṣùgbọ́n a rí ibi tí a ti lẹ̀ ẹ́.

Ọ̀nà kejì kò pe ẹnikẹ́ni wọlé. Ó kẹ̀yìn sí àwọn ènìyàn, ó sì kọjú sí àwọn oṣù. Ká ní kò sí oṣù kankan tó ní ju ẹnì kan lọ. A jẹ́ pé Ṣẹ́rẹ́ ní ẹnì kan tàbí kó má ní ẹnì kankan, Èrèlé náà bẹ́ẹ̀, títí dé Ọ̀pẹ. Bí a bá ro méjèèjìlá pọ̀, àròpọ̀ wọn kò lè kọjá méjìlá. Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá ni àwọn tó dúró níwájú wa. Méjìlá kò lè gba mẹ́tàlá, nítorí náà ohun tí a kọ́kọ́ gbà kò lè jẹ́ òótọ́: oṣù kan wà tó ní ju ẹnì kan lọ.

Ẹ wo bí èyí ṣe mọ́ tó. Kò sí ẹni àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, kò sí ẹni ìkẹyìn. Kò sọ pé "bó bá rí báyìí" kó tún padà wá sọ pé "bó bá sì rí tọ̀hún". Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "ẹnì kan tàbí kó má ní ẹnì kankan", ti kó gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà pín sí oṣù mọ́ra, tó fi mọ́ oṣù tó ṣófo. Ọmọ tó nàwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan kò ní ohun tí yóò béèrè mọ́. Lójú tèmi, bí a bá ń wá ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ náà dára jù sí, níbi tó ti yí ojú kúrò lára ènìyàn sí oṣù yìí ni. Àwọn ènìyàn náà la kò mọ̀; àwọn oṣù la mọ̀. Ọlọgbọ́n a máa ka ohun tó mọ̀.

Ọ̀nà kẹta jẹ́ ti ìpín. Bí a bá pín mẹ́tàlá sí ọ̀nà méjìlá, ìpín kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ẹyọ kan àti ìdá kan nínú méjìlá. Kò ṣeé ṣe kí gbogbo oṣù kéré sí ìpín yìí, nítorí a jẹ́ pé àròpọ̀ wọn kò ní pé mẹ́tàlá. Oṣù kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ tó o tàbí kó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n a kì í bí ìdá kan nínú méjìlá ènìyàn. Ènìyàn odindi ni à ń bí. Oṣù tó bá ju ẹnì kan lọ ti di ẹlẹ́ni méjì nìyẹn. Àǹfààní ọ̀nà yìí ni pé ó ṣeé nà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni mẹ́ta jọ ni oṣù kan, ènìyàn mélòó ni ẹ nílò? Mẹ́rìnlélógún kò tó, torí pé wọ́n lè pín sí oṣù méjìlá ní méjì méjì. Ẹ fi ẹyọ kan kún un, kó di márùndínlọ́gbọ̀n: ìpín oṣù kọ̀ọ̀kan ju méjì lọ, a sì ti rí ẹni mẹ́ta. Bí ẹ bá ń wá ẹni mẹ́rin, mẹ́tàdínlógójì ni. Gbogbo ìgbà ni ẹyọ kan ṣoṣo tó lé ń ṣe iṣẹ́ náà.

Báyìí, kí ni ẹ̀rí náà kò sọ? Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ mọ ibi tó parí sí.

Kò sọ oṣù tí yóò jẹ́. Kò sọ ẹni méjì tí yóò jẹ́. Kò sì sọ pé ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí yóò rí ẹnìkejì. Àṣìṣe yìí ni mo máa ń gbọ́ jù: ènìyàn á wọ inú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, á retí pé ẹnì kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ oṣù tòun. Rárá o. Ó ṣeé ṣe kí àwọn méjìlá yòókù jẹ́ ọmọ oṣù Agẹmọ, kí ìwọ nìkan jẹ́ ọmọ oṣù Ọ̀pẹ. Òfin náà ti ṣẹ ní ìlọ́po ìlọ́po, kò sì kàn ọ́. Kódà bí ènìyàn bá pé ẹgbẹ̀rún nínú yàrá náà, òfin yìí nìkan kò lè fi ẹnì kejì dá ọ lójú.

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ohun tó mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìpàdé ẹbí kan tí ẹni mẹ́tàlá jókòó sí. Wọ́n bi oníkálukú ní oṣù ìbí rẹ̀, ó sì ṣẹlẹ̀ pé àwọn méjìlá tó kọ́kọ́ dáhùn gba oṣù méjèèjìlá tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù tirẹ̀. Ó wá ku Bàbá Àgbà. Bàbá mi orí, wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún tí wọ́n bí mi gan-an wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti oṣù." Ọ̀pọ̀ ilé ló ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́ nìyẹn? Kò bàjẹ́ rárá. Oṣù tí a kò mọ̀ kọ́ ni oṣù tí kò sí. Inú oṣù kan ni wọ́n bí bàbá, ẹnì kan sì ti wà nínú oṣù yẹn ṣáájú, oṣù yòówù kó jẹ́. A mọ̀ dájú pé ẹnì kan nínú yàrá yẹn jọ ni oṣù pẹ̀lú bàbá. A kò kàn mọ ẹni náà ni. Bí bàbá bá wá rántí pé ìyá àwọn sọ pé iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà nígbà tí wọ́n bí àwọn, a lè fura sí ọmọ oṣù Agẹmọ tàbí ọmọ oṣù Ògún. Ìfura ni ìyẹn o. Pé ẹnì kan wà, ìyẹn kì í ṣe ìfura. Kí ènìyàn lè mọ̀ pé ohun kan wà láìtíì rí i, láìsì mọ ibi tó wà, ìmọ̀ gidi ni, ó sì ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀.

Ohun tó lè ba ẹ̀rí náà jẹ́ wà níbòmíràn: nínú kíka ihò. Mo sọ pé oṣù jẹ́ méjìlá, kò sì sí ẹni tó jiyàn. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Ẹtiópíà, kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń lò ní oṣù mẹ́tàlá: méjìlá tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ ọgbọ̀n ọjọ́, àti oṣù kẹtàlá kékeré kan tó ní ọjọ́ márùn-ún, tàbí mẹ́fà ní ọdún kan nínú mẹ́rin. Bí a bá fi oṣù ìbí tiwọn ka ènìyàn mẹ́tàlá, oníkálukú lè ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó di ẹni kẹrìnlá kó tó di dandan. Ẹ sì wò ó pé oṣù kékeré yẹn kò ju ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, ọmọ tí wọ́n ń bí sínú rẹ̀ kò sì lè pọ̀ tó ti àwọn yòókù, síbẹ̀ ó wúwo nínú ẹ̀rí yìí gẹ́gẹ́ bí èyíkéyìí nínú wọn. Òfin ihò ẹyẹlé kì í béèrè bí ihò ṣe fẹ̀ tó. Iye ihò ló ń béèrè.

Kàlẹ́ńdà àwọn Mùsùlùmí ní oṣù méjìlá bíi ti òyìnbó, nítorí náà ẹni mẹ́tàlá tó níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó pàdé nínú oṣù Ràmàdánì lè má pàdé nínú kàlẹ́ńdà kejì rárá, torí pé oṣù tó ń tẹ̀ lé òṣùpá a máa ṣípò láti ọdún dé ọdún. Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ tiwa tí a fi ń na ọjà ní ọjọ́ mẹ́rin. Nínú ẹni márùn-ún, méjì gbọ́dọ̀ jọ ni ọjọ́ ìbí nínú rẹ̀. Ẹ̀rí náà kò yí. Ihò ló yí. Ó wá jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ lo òfin yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ihò tó ń lò, kó sì rí i dájú pé olúkúlùkù ní ihò kan tó wọ̀. Ohun méjì yìí péré ló ń béèrè.

Nínú ọ̀rọ̀ oṣù, ihò ti wà nílẹ̀ kí a tó dé. Àwọn tó ṣe kàlẹ́ńdà ti bá wa gbẹ́ ẹ. Ibi tí ọwọ́ ọ̀gá ti ń hàn ni ibi tí kò sí ihò kankan nílẹ̀, tó fi jẹ́ pé ènìyàn fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1959, Paul Erdős, gbajúgbajà onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì, gbọ́ nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lajos Pósa, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Wọ́n jọ jẹun ọ̀sán. Bí ọmọ náà ṣe ń mu ọbẹ̀ rẹ̀, Erdős bi í ní ìbéèrè kan. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́mbà tiwa gbé e kalẹ̀. Ẹ mú nọ́mbà mẹ́tàlá, èyí tó bá wù yín, láti inú 1 títí dé 24. Ẹ fi hàn pé méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ wà tí kò sí nọ́mbà kankan tó lè pín àwọn méjèèjì dọ́gba àyàfi 1. Erdős fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, ó gba òun ní nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òun tó rí àlàyé tó rọrùn gan-an. Pósa ń mu ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi dáhùn pé méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra.

Ìdáhùn náà tán síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó rí. Ẹ so nọ́mbà 24 náà pọ̀ ní méjì méjì: 1 pẹ̀lú 2, 3 pẹ̀lú 4, 5 pẹ̀lú 6, títí dé 23 pẹ̀lú 24. Ihò méjìlá nìyẹn. Nọ́mbà mẹ́tàlá ni ẹ mú. A tún ti dé ibi oṣù àti ènìyàn: ihò kan yóò gba méjì. Àwọn méjì tó wà nínú ihò kan sì tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nọ́mbà kan tó ju 1 lọ tó lè pín nọ́mbà méjì tó tẹ̀ léra, nítorí pé bó bá pín méjèèjì, yóò pín ìyàtọ̀ àárín wọn, ẹyọ kan sì ni ìyàtọ̀ náà. Ǹjẹ́ méjìlá kò tó? Kò tó. Ẹ mú 2, 4, 6, 8, títí dé 24. Méjìlá ni wọ́n, 2 sì pín gbogbo wọn. Mẹ́tàlá ni ààlà, gẹ́gẹ́ bíi ti oṣù.

Ìbéèrè náà kò mẹ́nu ba ìtẹ̀léra rárá; ọ̀rọ̀ pínpín ló sọ. Ọmọ náà ló rí i pé bí òun bá gbẹ́ ihò bí èyí, pínpín yóò di kíkà. Ẹnikẹ́ni ló lè sọ pé mẹ́tàlá ju méjìlá lọ. Kí ènìyàn mọ ihò tí yóò gbẹ́, iṣẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó jinlẹ̀ jù ú lọ hàn yín, lórí nọ́mbà mẹ́rìnlélógún yẹn náà. Ẹ tún mú mẹ́tàlá tó bá wù yín. Mo ní méjì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn tí ọ̀kan yóò pín èkejì láìsí àṣẹ́kù. Bí ẹ bá tún so wọ́n ní méjì méjì bíi ti ìṣáájú, kò ní ràn yín lọ́wọ́: 7 kò pín 8, 11 kò pín 12. A nílò ihò mìíràn.

Èyí ni bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹ mú nọ́mbà kan, kí ẹ máa fi 2 pín in títí tí kò fi ní ṣeé pín mọ́. Ẹ mú 24: ó di 12, ó di 6, ó di 3, ó dúró. Ẹ mú 20: ó di 10, ó di 5, ó dúró. 16 ń bọ̀ wálẹ̀ títí ó fi di 1. 13 kò tilẹ̀ kúrò lójú kan. Ibi tí nọ́mbà bá dúró sí ni ihò rẹ̀. Gbogbo ibi ìdúró náà kò sì lè jẹ́ ju 1, 3, 5, 7, 9, 11, 13, 15, 17, 19, 21 àti 23 lọ. Ẹ kà wọ́n: méjìlá ni. Nọ́mbà mẹ́tàlá, ibi ìdúró méjìlá. Méjì gbọ́dọ̀ dúró síbì kan náà. Bí méjì bá sì dúró síbì kan náà, bíi 6 àti 24 tí wọ́n jọ dúró sí 3, ohun tó yà wọ́n kò ju iye ìgbà tí a fi 2 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Kékeré wọn gbọ́dọ̀ pín ńlá wọn.

Ẹ wá wo àwọn nọ́mbà tó bọ́ nínú òfin náà, torí ibẹ̀ lẹwà rẹ̀ ti hàn sí mi jù. Ẹ mú 13 títí dé 24. Méjìlá ni wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tó lè pín òmíràn, nítorí pé ìlọ́po méjì èyí tó kéré jù nínú wọn, 26, ti kọjá 24. Níbo ni wọ́n dúró sí? 13, 15, 17, 19, 21 àti 23 dúró sí ààyè ara wọn. 14 lọ sí 7, 16 lọ sí 1, 18 lọ sí 9, 20 lọ sí 5, 22 lọ sí 11, 24 lọ sí 3. Ihò méjèèjìlá kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, kò sí èyí tó ṣófo, kò sí èyí tó ní méjì. Wọ́n rí gẹ́lẹ́ bí ẹbí ẹlẹ́ni méjìlá tí oníkálukú ní oṣù tirẹ̀. Ẹ wá fi ẹyọ kan kún un, èyí tó bá wù yín. Ẹ fi 10 kún un: ó lọ dúró sí 5, ó bá 20 níbẹ̀, 10 sì pín 20. Ẹ fi 9 kún un: ó bá 18. Ẹ fi 6 kún un: ó bá 24. Kò sí èyí tí ẹ mú tí kò ní bá ẹnì kan nílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti mọ irú ẹ̀rí yìí gbọ́dọ̀ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Èkíní, kí ni ihò mi, ṣé gbogbo nọ́mbà tàbí gbogbo ènìyàn ló sì ní ihò? Èkejì, bí mo bá yọ ẹyọ kan kúrò, ṣé mo lè fi ọwọ́ mi to àwọn tó ṣẹ́ kù kí wọ́n bọ́ nínú òfin náà? Ẹni tó bá lè dáhùn èkíní ní ẹ̀rí. Ẹni tó bá lè dáhùn èkejì mọ̀ pé ẹ̀rí òun kò fi ohunkóhun ṣòfò.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín lórí nọ́mbà mẹ́rìnlélógún kan náà. Nínú mẹ́tàlá tó bá wù yín láti inú wọn, méjì gbọ́dọ̀ wà tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 25. Méjì sì gbọ́dọ̀ wà tí ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 12. Fún ti àkọ́kọ́, ihò náà ni 1 pẹ̀lú 24, 2 pẹ̀lú 23, títí dé 12 pẹ̀lú 13. Fún èkejì, 1 pẹ̀lú 13 ni, 2 pẹ̀lú 14, títí dé 12 pẹ̀lú 24. Ihò méjìlá méjìlá ni méjèèjì, nọ́mbà 1 títí dé 12 sì jẹ́ méjìlá kan tó bọ́ nínú àwọn òfin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rí tó dá ènìyàn mẹ́tàlá àti oṣù wọn lẹ́jọ́ náà ló dá gbogbo àwọn wọ̀nyí lẹ́jọ́, kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ rẹ̀.